Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àdìrẹ 1,050 yáàdì: ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi yẹ sámpù aṣọ wò kí n tó sanwó

Iṣẹ́ náà rèé. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan níbí ní Abẹ́òkúta fẹ́ àdìrẹ oníko aláró dúdú fún àjọ̀dún wọn. Wọ́n jẹ́ 160, oníkálukú sì fẹ́ gba yáàdì 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 960 yáàdì aṣọ tí a ti rẹ láró, tí a ti fọ̀, tí ó ti gbẹ. Mi ò tíì ra aṣọ funfun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Mo ní ìdí tí mi ò fi sáré lọ sọ́jà. Lọ́dún tó kọjá, mo ra 300 yáàdì lọ́wọ́ oníṣòwò kan lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ pa aṣọ náà wò nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó funfun, ó ta kọ̀ọ̀, ó dùn ún wò. Nígbà tí a rẹ ẹ́, ìdì mẹ́rin mu aró dáadáa, àwọn ìdì yòókù sì rí bí ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́, ó kàn ń ṣe ràkọ̀ràkọ̀. Pọlísítà ni wọ́n lú mọ́ òwú. Aró kì í wọ pọlísítà. Apá òwú nìkan ló mú un. Mo tún aṣọ mìíràn rà lápò ara mi láti fi parí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò tún ní fi ojú àti ọwọ́ nìkan ra aṣọ mọ́.

Kí n tó pe oníṣòwò kankan, mo jókòó ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ àjọ̀dún. Ọ̀sẹ̀ 10 ló kù. Àwọn aránṣọ sọ pé àwọn nílò ọ̀sẹ̀ 3. Àwa márùn-ún tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lè rẹ nǹkan bí 70 yáàdì lójúmọ́ bí òjò ò bá rọ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 3 ni ti aró náà, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Kí aṣọ tó ti ọjà dé ọ̀dọ̀ mi, kí n sì ka iye rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 1. Mo fi ọ̀sẹ̀ 1 sílẹ̀ fún ohun tí a ò mọ̀. Ohun tó kù fún sámpù ni ọ̀sẹ̀ 2 péré. Ìṣirò yìí ló bí gbogbo déètì tí mo fún àwọn oníṣòwò. Mi ò kàn mú ọjọ́ láti inú afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ 1, Ajé

Mo kọ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta lórí Wọ́sáàpù: obìnrin kan tó ń tà ní Èkó, tí mo máa pè ní Àǹtí Èkó, ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń ra aṣọ ní Kánò, Alájì, àti Màmá kan tó ní ìsọ̀ nítòsí Ìtokú. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, mo kàn yí ìkíni padà fún oníkálukú:

"Ẹ kú òwò o, sà. Mo ń wá aṣọ òwú funfun fún aró, òwú pọ́ńbélé, kò gbọdọ̀ sí pọlísítà nínú rẹ̀, kí ó fẹ̀ tó íǹṣì 45. Nǹkan bí 1,000 yáàdì ni mo fẹ́ rà. Kí n tó rà á, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ta yáàdì 4 fún mi kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Màá san owó rẹ̀ àti owó wéébìlì. Ẹ bá mi gé e lára ìdì tó wà nílẹ̀ báyìí, tí ẹ máa tà fún mi gan-an, láti àárín ìdì, kí etí aṣọ méjèèjì wà lára rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò àkọlé ara ìdì náà. Ẹ sọ fún mi pẹ̀lú, yáàdì mélòó irú rẹ̀ kan náà ló wà lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ kí sámpù dé ní Ọjọ́bọ̀. Èyí tó bá dé lẹ́yìn Àbámẹ́ta, mi ò ní lè yẹ̀ ẹ́ wò. Màá fọ̀ ọ́, màá rẹ ẹ́ láró, màá sá a sóòrùn fún ọjọ́ 5. Ní Ajé ọ̀sẹ̀ méjì òní, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, màá pè yín fún èsì, yálà mo rà á tàbí mi ò rà á. Ẹ dákun, iye tí ẹ bá pè fún mi lónìí, ẹ má yí i padà títí di Ọjọ́rú tó tẹ̀lé Ajé yẹn."

Ohun mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó lójú tèmi. Èkínní ni pé mo san owó sámpù. Bí a bá ní kí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àkísà tó tó àtẹ́lẹwọ́ ni a máa rí gbà, a ò sì lè fi àtẹ́lẹwọ́ aṣọ mọ iye tí aṣọ máa súnkì. Yáàdì 4 jẹ́ kí n lè fi 1 wọnú omi, kí n fi 1 sínú aró, kí n pa 1 mọ́ láìfọwọ́ kàn án, kí 1 sì wà fún ìdánwò iná àti fún ohun tí mo bá fẹ́ tún ṣe. Èkejì ni "ìdì tí ẹ máa tà fún mi gan-an". Sámpù tí wọ́n ti gé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò sọ nǹkan kan nípa ọjà tó wà nílẹ̀ lónìí. Ẹ̀kẹta ni iye owó. Owó aṣọ ń lọ sókè ní ọ̀sẹ̀ kan ju bí a ṣe rò lọ, kò sì bójú mu kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹ aṣọ wò kí n wá gbọ́ pé owó ti yí padà. Ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ ènìyàn kí ó di owó mú láìsí déètì. Nígbà tí mo dárúkọ ọjọ́ tí èsì máa jáde, gbogbo wọn gbà.

Ọjọ́ 2 sí 4

Alájì ló kọ́kọ́ fèsì: ₦1,750 ní yáàdì kan, aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀ funfun, àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀, ó ní ìdì tó lé ní 60 nílẹ̀. Àǹtí Èkó pè é ní ₦2,100. Màmá Ìtokú ní ₦2,200, wọ́n sì sọ òtítọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wọn lé lórí: "Ọmọ mi, 400 yáàdì ló kù lára èyí tí ò ń wò yìí. Ìyókù, inú ọjà mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni màá ti mú un." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé sámpù méjì, ọ̀kan lára ti àtijọ́, ọ̀kan lára tuntun.

Ti Àǹtí Èkó dé ní Ọjọ́rú, ti Ìtokú ni mo fẹsẹ̀ ara mi lọ mú, ti Alájì sì wọlé sí gáréèjì ní Ọjọ́bọ̀ lálẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé ni mo ń kọ ọjọ́, orúkọ àti iye sí i lára, tí mo sì ń gé yáàdì kan sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá.

Mo fa òwú mẹ́ta mẹ́ta yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òró àti láti ìbú, nítorí àwọn kan ń fi òwú pọ́ńbélé sí ìhà kan kí wọ́n fi àdàlù sí ìkejì. Mo fi iná sí i lórí àwo irin. Òwú gidi máa ń jó bíi bébà, ó ń rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ sì fúyẹ́, ìka lásán lè lọ̀ ọ́. Pọlísítà máa ń sá fún iná, ó máa ń yọ́, ó sì máa ń di kóró dúdú líle tí èékánná ò lè fọ́. Ti Àǹtí Èkó fi kóró sílẹ̀ lórí àwo. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kóró ni.

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò dúró di ọjọ́ èsì, nítorí àkókò ṣì wà fún wọn láti ṣàtúnṣe.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Aṣọ yín ti dé, ṣùgbọ́n pọlísítà wà nínú rẹ̀."

"Kò ṣeé ṣe! Òwú pọ́ńbélé ni mo ń tà."

Mo ya fídíò bí ó ṣe ń yọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n pè mí padà: ọmọ ìsọ̀ wọn ló gé e lára ìdì tí kì í ṣe òun. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo sọ fún wọn pé Àbámẹ́ta ni òpin, wọ́n sì fi òmíràn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: bí ọmọ ìsọ̀ bá lè ṣi ìdì mú nígbà tí ó ń gé yáàdì 4, kí ló máa ṣe nígbà tí ó bá ń di ọ̀pọ̀ ìdì sínú ọkọ̀?

Ìyá àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ aró wá bá mi nígbà tí mo ń dáná sun òwú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, iná ò ń sọ gbogbo òtítọ́. Rẹ òwú náà sómi kí o fà á." Ohun tí wọ́n ń sọ ni irú òwú kan tí wọ́n ń fi igi ṣe, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní fisikóòsì tàbí rayọ́ọ̀nù. Ó máa ń jó bí òwú gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, agbára rẹ̀ a dínkù púpọ̀, a sì já pẹ́ẹ́ bí ènìyàn bá fà á. Òwú oko ní tirẹ̀ a máa lágbára sí i bí ó bá tutù. Gbogbo sámpù tó kù yege nínú ti omi yìí.

Ọjọ́ 5 àti 6, Ẹtì àti Àbámẹ́ta

Kí n tó fọ̀ wọ́n, mo kán omi kọ̀ọ̀kan sórí wọn. Lórí àwọn aṣọ Ìtokú, omi wọlé kí n tó kà dé 5. Lórí ti Alájì, ó jókòó roboto bí ìrì lórí ewé kókò, mo kà kọjá 60. Èyí kò túmọ̀ sí pé aṣọ náà burú. Ìda àti ọ̀rá ara òwú ló ṣì wà lára rẹ̀, nítorí wọn ò tíì sè é. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé aró náà ò ní wọlé bí mi ò bá sè é.

Sámpù tuntun Àǹtí Èkó dé ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Ó jó bíi bébà, ó sì lágbára nínú omi. Ó ta kọ̀ọ̀ bíi páálí. Mo kán áyódíìnì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn sí igun rẹ̀ kan, ó di dúdú aláwọ̀ aró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: sítáàṣì ló kún inú rẹ̀. Sítáàṣì kì í ṣe ẹ̀bi, omi gbígbóná máa ń kó o lọ. Àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rí bí aṣọ tó nípọn nínú ìsọ̀. Lẹ́yìn ìfọ̀, ó rọ̀ débi pé mo lè rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Fún súnkì, mo fi òwú pupa rán àmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 50 sẹ̀ǹtímítà lóròó. Mi ò fi báírò sàmì, nítorí ó máa ń ṣàn. Mo fọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi gbígbóná, mo sì sá wọn gbẹ ní gbogbo ìgbà. Ti Èkó tó dé kẹ́yìn ni mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ kan, ọpẹ́lọpẹ́ oòrùn. Àwọn tí wọ́n ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń tan ara wọn, nítorí òwú kì í parí súnkì rẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wọ̀n wọ́n, ti Èkó ti di 46.5, ti Alájì 47.5, ti Ìtokú àtijọ́ 48.5. Ìyẹn ni pé 100 yáàdì tí a bá rà ní Èkó máa di 93, ti Alájì 95, ti Ìtokú 97. Nínú iṣẹ́ tó jẹ́ 960 yáàdì, ìyàtọ̀ yẹn ju aṣọ ènìyàn mẹ́fà lọ.

Ọjọ́ 8, Ajé

Ọjọ́ aró. Mo po ìkòkò kan ṣoṣo, aró òyìnbó pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, bí mo ṣe máa pò ó fún iṣẹ́ gidi. Kọ́sítíìkì ni a máa ń dà sínú omi, a kì í da omi lé e lórí, mo sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé gbogbo sámpù wọ ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá rẹ èyí láàárọ̀ kí a rẹ tọ̀hún nírọ̀lẹ́, agbára ìkòkò ni a ń yẹ̀ wò, kì í ṣe aṣọ.

Mo pín ti Alájì sí méjì: mo fi sódà ìfọṣọ àti ọṣẹ sè ìdajì fún wákàtí kan àbọ̀, mo fi ìdajì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo di gbogbo wọn níko, ìwọ̀n kan náà. A tẹ̀ wọ́n rì fún ìṣẹ́jú 10, a gbé wọn síta, wọ́n jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn sì ń sọ wọ́n di aró díẹ̀díẹ̀. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo tẹ́ wọn sórí okùn níta, kì í ṣe lábẹ́ iná mànàmáná. Ti Ìtokú àtijọ́ ló dúdú jù lọ. Ti Alájì tí mo sè sún mọ́ ọn gan-an. Àwọn kókó òwú kéékèèké hàn lára rẹ̀, wọ́n sì dára lójú mi. Ìdajì tí mi ò sè ní àbàwọ́n, nígbà tí mo sì fi aṣọ funfun nù ún nígbà mẹ́wàá, aṣọ funfun náà di aró: orí ìda ni aró jókòó sí, kò wọnú. Ti Èkó dọ́gba lára, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pupa díẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́.

Ohun tó dùn mí ni ti Ìtokú tuntun. Aṣọ kan náà ni wọ́n pè é, iye kan náà, ọwọ́ kan náà ni ó ní bí a bá fọwọ́ pa á. Ó jáde ní àwọ̀ tó ṣí ju ti àtijọ́ lọ, ẹnikẹ́ni ló máa rí i. Bí ìyá 160 bá tò sórí ìlà kan, tí àwọn kan dúdú, tí àwọn kan ṣí, kò sí àlàyé tí ẹnì kan máa gbọ́. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa. Ìdì aṣọ tí wọ́n ṣe ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í mu aró bákan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi bèèrè iye tó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ọjọ́ 9 sí 13

Mo fi páálí bo ìdajì sámpù kọ̀ọ̀kan, mo sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ 5. Nígbà tí mo ṣí páálí náà, gbogbo wọn ti ṣá díẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn sì ṣá. Mo ronú lé e lórí. Oòrùn ń dán aró wò ju aṣọ lọ, aró kan náà ni mo sì lò. Ọjọ́ 5 yìí kò ràn mí lọ́wọ́ láti yan aṣọ. Bí mo bá tún rajà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú aró tí mo ti mọ̀, màá yọ ọ́ kúrò, màá sì fún àwọn oníṣòwò ní èsì ní ọjọ́ 10. Bí mo bá pààrọ̀ ẹni tí mo ń ra aró lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn máa padà sínú ìṣètò.

Ọjọ́ 15, Ajé

Mo ṣírò iye owó yáàdì tó máa kù lẹ́yìn ìfọ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n pè. ₦2,100 Èkó, bí a bá pín in fún 0.93, ó di nǹkan bí ₦2,258. Ti Ìtokú di ₦2,268. Ti Alájì, mo fi ₦120 kún ₦1,750 fún igi ìdáná, sódà àti owó ọwọ́ àwọn tó máa sè é, ó di ₦1,870. Mo pín in fún 0.95, ó jẹ́ nǹkan bí ₦1,968. Aṣọ tó kọ́kọ́ rí rúmurùmu yìí ló borí.

960 tí a pín fún 0.95 jẹ́ 1,011. Mo fi díẹ̀ kún un fún àṣìṣe: 1,050 yáàdì, ìyẹn ìdì 35 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,837,500.

Kí aago mẹ́rin tó lù, mo ti pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo sọ fún Màmá Ìtokú pé 400 yáàdì yẹn dára gan-an, àti pé màá wá rà nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ kéékèèké. Mo sọ fún Àǹtí Èkó ní tààrà pé súnkì àti fífẹ́lẹ́ rẹ̀ ló fà á, inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n dúpẹ́ pé mo pè.

Pẹ̀lú Alájì, mo yọ yáàdì kan tí mo ti pa mọ́ sínú ọ̀rá láti ọjọ́ tí sámpù wọn dé. Mo gé e sí méjì, mo kọ ọjọ́ sára méjèèjì, mo fọwọ́ sí i, mo fi ìdajì ránṣẹ́ sí wọn nínú páálí kékeré. "Èyí ni mo rà, sà. Ìdajì wà lọ́dọ̀ yín, ìdajì wà lọ́dọ̀ mi. Ìdì tí kò bá jọ ọ́, mo máa dá a padà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀." Wọ́n ní kò burú. A fẹnu kò sí pé màá san ìdajì owó, ₦918,750, kí wọ́n tó dì í, màá sì san ìyókù láàárín ọjọ́ 4 tí ẹrù bá dé, lẹ́yìn tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ 20 sí 24

Ẹrù dé ní Àbámẹ́ta. Ìdì 35 pé. Ẹnì kan lè rò pé àyẹ̀wò ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sámpù tí mo yẹ̀ wò wá láti inú ìdì kan ṣoṣo. Mi ò mọ nǹkan kan nípa 34 yòókù.

Mo gé aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ ìdì kọ̀ọ̀kan. Mo fi òwú ìránṣọ pupa tó jẹ́ pọlísítà rán nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1 dé 35, nítorí aró ò ní wọ pọlísítà, nọ́ńbà náà á sì ṣì hàn lẹ́yìn tí aṣọ bá ti dúdú. Ní Ajé a sè gbogbo wọn pọ̀, pẹ̀lú ègé kan láti ara ìdajì sámpù tèmi, a sì rẹ gbogbo wọn nínú ìkòkò kan.

Ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun mo tò wọ́n sórí okùn. Ọgbọ̀n ó lé méjì jọra bí ìbejì. Nọ́ńbà 11, 12 àti 27 dúdú ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì ń dán. Ẹni tí kò bá mọ̀ máa yọ̀ pé wọ́n mu aró jù. Mo sun òwú wọn: bíi bébà, eérú rọ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, mo lọ fa òwú yọ lára àwọn ìdì mẹ́ta náà fúnra wọn, mo rẹ ẹ́ sómi. Ó já bí òwú aláǹtakùn. Mo fa ti nọ́ńbà 10 tó tutù bákan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́.

Mo ya fọ́tò okùn náà ránṣẹ́ sí Alájì, mo sì ya fọ́tò etí aṣọ ìdì mẹ́ta yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì sámpù. Etí ti sámpù ní òwú búlúù kan tó gba inú rẹ̀ kọjá. Tiwọn kò ní. Wọ́n mú ìdajì tiwọn jáde nínú ìsọ̀ wọn, wọ́n wò ó, wọ́n pè mí. Kò sí àríyànjiyàn kankan. "Ẹ má bínú, Ìyá aláró. Ẹ dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà pẹ̀lú mọ́tò tó ń padà bọ̀ lọ́la, màá fi mẹ́ta tó ní búlúù létí ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, owó ọkọ̀ wà lọ́rùn mi."

Mo san ìyókù owó ìdì 32 ní Ọjọ́rú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sè aṣọ lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta tó kù máa wọlé ní Àbámẹ́ta. Mo ti gé òwú pupa sílẹ̀ fún nọ́ńbà wọn.